Àwọ̀ dúdú kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò lórí fóònù mi, ojú sì ń ro mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìnkú àti àwọn aṣọ ìpolówó tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ẹni ọdún 43 ni mí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ àwọn régbérégbé fún Ojúde Ọba ti wọlé, n kì í kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù ṣáájú aago 11 alẹ́, fóònù ni mo sì fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ó bá ti ń di aago 9, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé ata wọ̀ ọ́, iwájú orí á sì máa fọ́ mi.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n lo Dark theme tí ń sọ ojú fóònù di dúdú, pẹ̀lú Night Light tí ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ọsàn. Mo ṣí méjèèjì, mo sì yan ètò tí wọ́n pè ní Turns on from sunset to sunrise, kí wọ́n lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn bí oòrùn bá ti wọ̀. Night Light ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n Dark theme kì í bẹ̀rẹ̀ ní aago 7. Nígbà mìíràn mo máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ títí di aago 8 kọjá kí ó tó yí, ọjọ́ mìíràn sì wà tí ó máa ń yí lọ́gán. WhatsApp ní tirẹ̀ kì í yí rárá, funfun báláú ló máa ń wà.

Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúdú tán, ó jọ pé àwọn lẹ́tà funfun náà ń ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ní láti fún ojú kí n tó lè kà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló yẹ kí n ṣètò wọn sí, báwo sì ni kí àwọ̀ ọsàn náà ṣe le tó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ń jáde láti ojú fóònù ló ń jó ojú yín. Ẹ má ṣètò aago kankan. Ẹ ṣí Night Light sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ẹ sì fà á dé òpin pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ ra awò tí ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù dúró. Bí èmi náà ti ń ṣe nìyẹn láti ọdún méjì sẹ́yìn, ojú kì í ro mí, oorun mi sì ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́)

Mo kí yín o. Ìrírí tèmi lórí ọ̀rọ̀ fífi bátìrì pamọ́ yìí ni pé àwọ̀ dúdú ṣe pàtàkì púpọ̀ ní àdúgbò wa, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni a lè wà láìrí iná. Láti ìgbà tí mo ti sọ fóònù mi di dúdú, bátìrì mi ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí n kò lóye ni pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti fẹ́ dá a padà sí funfun ní ọ̀sán, kí n lè rí i kà nínú oòrùn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ ti ràn mọ́lẹ̀. Bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni kò dáhùn. Bóyá ohun kan náà ló ń ṣe fóònù ìyá wa.

Ayẹjúwò Ṣágámù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ yíyẹ ojú wò ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Rẹ́mọ, irú ẹni tí màmá ṣàpèjúwe yìí sì máa ń jókòó síwájú mi lójoojúmọ́. Kí a tó dé orí aago, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a ti dà pọ̀ lókè.

Àbúrò mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ń ti ojú fóònù jáde kò jó ojú ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ń bọ́ sí wa lójú láti ojú ọ̀run bí a bá jáde síta ní ọ̀sán pọ̀ ju ti fóònù lọ lọ́nà tí a kò lè fi wé ara wọn. Ní ti awò tí ẹ sọ, àwọn Cochrane, àjọ tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìdánwò 17 jọ ní ọdún 2023, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ó ṣeé ṣe kí awò náà má dín àárẹ̀ ojú àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà kù ju awò lásán lọ. N kò sọ pé ara kò tù yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí màmá má lọ fi owó iṣẹ́ Ojúde Ọba ra awò yẹn ní ìrètí pé títa ojú náà á lọ.

Ohun tí ń mú kí ojú ta wọ́n bí ata ni pé a kì í ṣẹ́jú tó bí a bá tẹjú mọ́ ohun kan. Ẹni tí ó jókòó lásán ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó lè wálẹ̀ sí bí ìdajì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Omi ojú á gbẹ, ojú á sì máa ta. Bí fáànù bá tún ń fẹ́ sí wọn lójú tààrà, gbígbẹ náà á yá sí i. Ẹ wò ó bóyá fáànù ṣọ́ọ̀bù yín kò kọjú sí yín. Àwọ̀ ọsàn kò lè mú kí èèyàn ṣẹ́jú, àwọ̀ dúdú náà kò lè ṣe é.

Ní ti òjìji ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ibẹ̀ ni mo dúró sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, màmá. Bí ojú fóònù bá dúdú tí yàrá náà sì ṣókùnkùn, ẹyinjú máa ń la ihò rẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bí ihò náà bá ti gbòòrò, àbùkù yòówù tí ó bá wà nínú ojú á hàn síta. Ẹni tí iwájú ẹyinjú rẹ̀ kò rí roboto dọ́gba, tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ni lẹ́tà funfun máa ń ràn káàkiri lójú rẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú. Bí ẹni náà bá ka lẹ́tà dúdú lórí ilẹ̀ funfun, ihò náà á sún kì, lẹ́tà á sì tún mú. Nítorí náà, fún ìwé kíkà tí ó pẹ́ àti títẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́, ilẹ̀ funfun tí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lè rọ̀ yín lọ́rùn ju ilẹ̀ dúdú lọ, èyí tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ fún ara wọn.

Ẹ ti kọjá ọdún 40 pẹ̀lú. Ní ọjọ́ orí yẹn ni ojú àgbà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn á máa na ọwọ́ jáde kí ó tó rí ohun kékeré kà. Orí fífọ́ níwájú nígbà tí alẹ́ bá lẹ́ jọ èyí gan-an. Bí ẹ bá ń ti fóònù jìnnà sí ara kí ẹ tó rí i kà, ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó máa wá ètò mìíràn lórí fóònù.

Ní báyìí ná, ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí lálẹ́ òní. Ẹ gbé ìwé funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé tí kò ní nǹkan kan lórí ẹ̀rọ náà. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń tàn bí àtùpà ju ìwé náà lọ, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Bí ó bá ṣú ju ìwé lọ, ẹ fi kún un. Kí méjèèjì jọra ni ohun tí a ń wá. Ẹ má sì pa iná yàrá kí ẹ wá máa wo ẹ̀rọ nínú òkùnkùn.

Atúnfóònùṣe Òdógbólú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 òwúrọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, màmá. Ẹ kú àárọ̀, dókítà. Fóònù yín kò bàjẹ́ rárá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí àsìkò Dark theme bá tó nígbà tí èèyàn ṣì ń lò ó lọ́wọ́, fóònù á dúró di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá kú kí ó tó yí, kí ó má bàa dí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lọ́wọ́. Ní alẹ́ tí ẹ bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ láti aago 6:30 títí di aago 8 láìjẹ́ kí ojú fóònù kú, ó ń dúró dè yín ni. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e sílẹ̀, ó ti yí kí ẹ tó padà gbé e. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ kí ojú rẹ̀ kú, kí ẹ tún tàn án, ẹ ó rí i pé ó ti yí. iPhone náà lè dúró bẹ́ẹ̀. Night Light ní tirẹ̀ kò nílò kí ó dúró, nítorí ó kàn ń yí àwọ̀ ohun gbogbo tí ó ti wà lójú fóònù padà ni.

Ní ti ìwọ̀ oòrùn, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ̀ ara wa ṣírò rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, oòrùn máa ń tètè wọ̀ jù ní oṣù kọkànlá, ní nǹkan bí aago 6:25. Èyí tí ó pẹ́ jù ni ti oṣù keje, tí ó fi díẹ̀ kọjá aago 7. Gbogbo ìyàtọ̀ ọdún kan kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Ètò ìwọ̀ oòrùn wúlò gan-an fún àwọn tí ń gbé ní ìlú òyìnbó, níbi tí ilẹ̀ ti lè ṣú ní aago 4 nígbà òtútù kí ó sì di aago 9 nígbà ooru. Lọ́dọ̀ tiwa, kò pọn dandan. Ó sì ní kí a ṣí Location sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa, bí ó bá sì ti wà ní pípa, fóònù lè má mọ ibi tí ó wà láti ṣírò ìwọ̀ oòrùn. Ẹ lo aago tí ẹ fúnra yín yàn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Display, ẹ wọ Dark theme, kí ẹ tẹ Schedule, kí ẹ sì yan Turns on at custom time. Ẹ fi 7:30 alẹ́ síbi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 6:30 òwúrọ̀ síbi tí ó ti máa parí. Ẹ padà sí Display, ẹ wọ Night Light, kí ẹ ṣe Schedule rẹ̀ bákan náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Intensity, tí ẹ ó fi ọwọ́ fà. Bí Night Light kò bá tíì tàn, ẹ kò ní lè fà á, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tàn án. Ẹni tí ó ń lo Samsung á bá Dark mode settings nínú Display, Eye comfort shield ni wọ́n sì ń pe èkejì. Lórí àwọn fóònù mìíràn tí ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, Eye Care tàbí Reading mode ni wọ́n ń kọ.

Fún WhatsApp, ẹ wọ Settings rẹ̀, ẹ wọ Chats, ẹ tẹ Theme. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ dájú pé Light ni ẹ ó bá níbẹ̀, pé ẹnì kan ti yàn án nígbà kan. Ẹ yí i sí System default, á sì máa tẹ̀lé fóònù.

Tíṣà, ẹ má bínú, ìbéèrè màmá kì í ṣe ti bátìrì, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ó ń ṣe yín. Battery Saver ló di bọ́tìnnì yẹn mú. Bí Battery Saver bá wà ní títàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fóònù di dúdú, kò sì ní jẹ́ kí ẹ yí i. Ẹ pa á, bọ́tìnnì á tú. Pé bátìrì ń pẹ́ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Battery Saver náà ló ṣe é. Àwọ̀ dúdú máa ń fi bátìrì pamọ́ lórí ojú fóònù tí wọ́n ń pè ní OLED tàbí AMOLED, nítorí ibi tí ó bá dúdú níbẹ̀ kò tan iná kankan. Lórí LCD, tí ó pọ̀ lára àwọn fóònù tí owó wọn kò ga, iná ẹ̀yìn ojú fóònù ṣì ń tàn gbogbo rẹ̀ bí ó tilẹ̀ dúdú.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:52 òwúrọ̀)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pa Battery Saver, bọ́tìnnì náà sì ti dáhùn. Mo tọrọ àforíjì pé mo ṣi ọ̀rọ̀ ìyá wa gbọ́.

Ayàwòrán Ìpẹru (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n mi atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yín gan-an ló kàn. Ẹ má ṣe yan àwọ̀ iṣẹ́ oníbàárà nígbà tí Night Light bá wà lójú láptọ́ọ̀pù.

Mo ti ṣe àṣìṣe náà rí. Ẹgbẹ́ kan fún mi ní iṣẹ́ aṣọ ìpolówó, wọ́n sì mú aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ wá kí n bá wọn fi àwọ̀ rẹ̀ kun ẹ̀yìn orúkọ wọn. Aṣọ náà jẹ́ àwọ̀ wúrà tí ó rọ̀. Alẹ́ ni mo ṣe é, Night light láptọ́ọ̀pù mi sì wà ní 70. Gbogbo ohun tí mo ń wò ti ní àwọ̀ ọsàn lára, nítorí náà mo ń dín pupa àti yẹ́lò kù títí ó fi jọ aṣọ náà lójú mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde lówùúrọ̀, wúrà náà ti ṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí eérú. Owó ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ohun tí ó tún ń tan èèyàn jẹ ni pé, bí ẹ bá ya àwòrán ojú ẹ̀rọ yín ránṣẹ́ sí oníbàárà, àwọ̀ ọsàn náà kì í sí nínú àwòrán yẹn. Ojú ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń fi kùn, wọn kì í fi kun fáìlì. Ohun tí oníbàárà ń rí àti ohun tí ẹ̀yin ń rí kò bára mu nígbà náà. Èmi máa ń yan àwọ̀ ní ọ̀sán, títẹ ọ̀rọ̀ àti títo orúkọ ni mo máa ń fi sí alẹ́. Bí iṣẹ́ àwọ̀ bá bọ́ sí alẹ́ dandan, mo máa ń pa Night light fún ìgbà yẹn.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Kí Ọlọ́run bù kún yín. Mo ti yí aago fóònù sí 7:30, WhatsApp sì ti ń tẹ̀lé e. Lóòótọ́, Light ni mo bá níbẹ̀. Mo dán bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ wò lálẹ́ yìí, ó sì yí lójú ẹsẹ̀. Fáànù náà kọjú sí mi gan-an gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ, mo ti gbé e sẹ́yìn. Mo sì gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní 90, mo dín in dé 35 kí ó tó jọ ìwé náà.

Àbúrò mi ti Ìpẹru, ọ̀rọ̀ yín dẹ́rù bà mí, nítorí 80 ni Night light wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì ti yan àwọ̀ iṣẹ́ méjì báyìí. N ó tún wọn wò ní ọ̀la kí n tó tẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè kan ló kù. Windows 11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo rí ibi tí a ti ń ṣètò aago Night light, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo ti lè ṣètò aago fún àwọ̀ dúdú. Ṣé ó wà níbẹ̀?

Atúnfóònùṣe Òdógbólú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́)

Kò sí nínú Settings tí ẹ ń wò yẹn, màmá. Ní Settings, lábẹ́ Personalization, nínú Colors, ẹ lè fi ọwọ́ yí i láti Light sí Dark, ṣùgbọ́n aago kò sí níbẹ̀. A lè fi Task Scheduler tí ó ti wà nínú Windows ṣe é. Ẹ tẹ Terminal nínú àpótí ìwákiri, kí ẹ lẹ àṣẹ yìí mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ Enter:

```
schtasks /create /tn Ale /sc daily /st 19:30 /tr "reg add HKCU\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Themes\Personalize /v AppsUseLightTheme /t REG_DWORD /d 0 /f"
```

Ìyẹn á sọ àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà di dúdú ní aago 7:30 alẹ́. Fún òwúrọ̀, ẹ tún àṣẹ náà lẹ̀, kí ẹ yí Ale sí Owuro, kí ẹ yí 19:30 sí 06:30, kí ẹ sì yí òǹkà 0 tí ó tẹ̀lé /d sí 1. Bí ó bá di ọjọ́ tí ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́, `schtasks /delete /tn Ale /f` ló ń pa á rẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè (Ọjọ́rú, 7:05 òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Àṣẹ ẹ̀gbọ́n wa tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti máa kùnà lọ́dọ̀ wa níbí, mo sì ti fi ojú ara mi rí i. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ láìtún fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, Windows kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá ń lo bátìrì. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago 7:20, aago 7:30 á kọjá láìsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá sì wà ní pípa ní àsìkò náà, títàn án ní aago 8 kò ní mú iṣẹ́ tí ó ti kọjá padà wá.

Lẹ́yìn tí màmá bá ti lẹ àṣẹ náà, kí wọ́n ṣí Task Scheduler, kí wọ́n tẹ Task Scheduler Library, kí wọ́n tẹ Ale lẹ́ẹ̀mejì. Ní abẹ́ Conditions, kí wọ́n mú àmì kúrò níwájú Start the task only if the computer is on AC power. Ní abẹ́ Settings, kí wọ́n fi àmì síwájú Run task as soon as possible after a scheduled start is missed. Kí wọ́n ṣe Owuro náà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ṣe méjèèjì, kò tíì kùnà mọ́.

Atúnfóònùṣe Òdógbólú (Ọjọ́rú, 7:30 òwúrọ̀)

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ. Ínfátà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi bá a pàdé. Màmá, ẹ tẹ̀lé tirẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Mo ti ka ohun tí dókítà kọ, mo sì gbà pé ìmọ́lẹ̀ búlúù kò jó ojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oorun ńkọ́? Mo mọ̀ dájú pé oorun mi ti yàtọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń lo Night Light, kì í ṣe pé mò ń rò ó.

Ayẹjúwò Ṣágámù (Ọjọ́bọ̀, 6:40 òwúrọ̀)

Àbúrò mi, n kò ní jiyàn oorun yín pẹ̀lú yín. Òtítọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀, pàápàá èyí tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀, ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó àti bí a ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀ tún wà níbẹ̀, ohun tí a ń wò lórí fóònù sì lè lé oorun lọ pẹ̀lú, àwọ̀ yòówù kí ó jẹ́. Àwọn olùwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí Night Light nìkan ń ṣe fún oorun. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ máa lò ó ní alẹ́. Ní ọ̀sán, n kò rí ohun tí ó ń ṣe fún yín.

Ayàwòrán Ìpẹru (Ọjọ́bọ̀, 12:10 ọ̀sán)

Èmi kò tilẹ̀ fara mọ́ ti ilẹ̀ funfun tí dókítà sọ fún gbogbo ènìyàn. Ojú mi kò ní àbùkù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún tó kọjá, ilẹ̀ dúdú ló sì ń tù mí lára jù bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àwòrán títí di òru. Funfun ńlá lójú ẹ̀rọ fífẹ̀ máa ń wọ̀ mí lójú, bí mo tilẹ̀ dín in kù.

Ayẹjúwò Ṣágámù (Ọjọ́bọ̀, 12:45 ọ̀sán)

Ẹ kò ṣìnà. Mo sọ ọ́ fún ẹni tí lẹ́tà ń ràn lójú rẹ̀, tí ó sì ti kọjá ọdún 40. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú, tí àwòrán ni ó ń wò tí kì í ṣe lẹ́tà wẹ́wẹ́, lè fi ilẹ̀ dúdú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ojú ẹni ni kí ẹni fi dán an wò.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, 8:20 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èèyàn dáadáa. Mo lọ yẹ ojú wò ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fún mi ní awò ìkàwé +1.00, wọ́n sì ní ojú ọ̀tún mi kò rí roboto dọ́gba, díẹ̀ báyìí, pé wọ́n á ṣe awò tí ó máa tún un ṣe tí yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Orí kò fọ́ mi láti ọjọ́ Àìkú.

Bí mo ti ń lò ó báyìí nìyí. Fóònù ń dúdú ní 7:30, nítorí WhatsApp kì í gbà mí ju kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan kí n sì dáhùn lọ. Night Light rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò kan náà, mo sì fi Intensity sí bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, nítorí bí mo bá fà á dé òpin, n kì í mọ bóyá búlúù tàbí dúdú ni aṣọ tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù ni mo fi sílẹ̀ ní funfun, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ní 35, Night light rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, lẹ́yìn tí mo bá ti parí yíyan àwọ̀. Mo lẹ àṣẹ Ale náà, ó sì ṣiṣẹ́ lálẹ́ tí wọ́n mú iná lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí lójú ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ni mo bá pa á rẹ́. N ó tún un dán wò bí awò tuntun bá ti dé.

Nínú iṣẹ́ méjì tí mo ti yan àwọ̀ wọn ní alẹ́, ọ̀kan ti ṣì bí ti àbúrò mi, mo sì tún un ṣe kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 alẹ́)

Inú mi dùn, màmá. Ní ọjọ́ tí awò tuntun bá dé, ẹ má tún àṣẹ náà lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i sí Dark nínú Colors fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wo bóyá òjìji lẹ́tà náà ti lọ. Bí ó bá ti lọ, ìgbà náà ni kí ẹ wá fún un ní aago.